Okùn Ìlẹ̀kẹ̀ Kan sí Àtìláńtà

Àwa tẹ̀gbọ́n tàbúrò la jọ ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì ń tà á lórí Etsy. Nígbà tí a kọ́kọ́ pàtẹ, "ìlẹ̀kẹ̀ ìdí" nìkan la kọ síbẹ̀, torí ohun tí màmá wa ń pè é nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, ẹnikẹ́ni ò yà. Àṣé `waist beads` ni àwọn tó ń wá a ń tẹ̀.

Àyè ọ̀rọ̀ ìwákiri 13 ni wọ́n fún ọjà kọ̀ọ̀kan, àyè kan ò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ, wọ́n ń ka àlàfo mọ́ ọn. `african waist beads` jẹ́ 19, ó wọlé. `plus size waist beads` jẹ́ 21. Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo! A gé e sí `plus size beads`. Èyí tó mówó wọlé jù ni `tie on waist beads`, torí obìnrin tó fẹ́ so tirẹ̀ mọ́dìí títí tí yóò fi já fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ èyí tó ní ìkọ́. A ò yọ ti màmá wa o: `ileke idi` ló wà ní àyè kẹtàlá.

Oníbàárà kan ní Àtìláńtà ra okùn kan tó rí bí àwọ̀ eyín erin. Funfun báláú ló dé ọwọ́ rẹ̀. Kò purọ́ mọ́ wa. Alẹ́ la ya fọ́tò náà, lábẹ́ gílóòbù, iná ọ̀hún ló yí àwọ̀ padà. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la ti ń yà á láàárọ̀, a ó fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí bébà bá pupa rúsúrúsú nínú fọ́tò, irọ́ ni fọ́tò náà ń pa, kí a tún un yà.

A sín òmíràn fún un. Nígbà tí a ń kọ fọ́ọ̀mù CN22 tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù, ọ̀kan nínú wa ní kí a mú "ẹ̀bùn", ṣebí kò san owó kejì. A mú un, a kọ `beads`, ó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹrù padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀bùn kọ́ ni, ọjà ni; irọ́ yẹn ò tilẹ̀ lérè, torí nígbà náà ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ ń wọ Àmẹ́ríkà láìsan owó ibodè. `glass bead waist jewellery, cotton thread` la ń kọ báyìí, pẹ̀lú iye tí a tà á gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà 7117.90 tó jẹ́ ti irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, àǹfààní dọ́là 800 yẹn ti dópin. Àwa là ń san owó ibodè kí ẹrù tó kúrò, a sì ti fi kún owó ọjà. Okùn kan ṣoṣo ò lè gbé e mọ́. Mẹ́ta mẹ́ta la ń dì báyìí.