Ibo Ni Kókó Náà Wà?

Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ l'Abẹ́òkúta pé obìnrin kan ní fáíbírọ́ìdì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ó ti tóbi púpọ̀?" Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Àwa ìbejì tí à ń kọ èyí ti tẹ̀ lé àbúrò ìyá wa lọ sílé ìwòsàn fún bí ọdún mẹ́ta. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí kókó náà wà nínú ilé ọmọ ló ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò máa ya, bóyá oyún yóò dúró, àti irú iṣẹ́ abẹ tí dókítà yóò ṣe. Àǹtí wa fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, wọ́n kàn ní ká má dárúkọ àwọn. Àǹtí Ìtòkú la ó máa pè wọ́n níbí, nítorí àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú.

Fáíbírọ́ìdì, èyí tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń pè ní iju, jẹ́ kókó tó ń hù láti ara iṣan ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú obìnrin ṣe nǹkan oṣù ló ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń sún kì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ó pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003 fi hàn pé kí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó pé ẹni 50 ọdún, ó lé ní 80 nínú 100 wọn tí yóò ti ní in. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní mọ̀ rárá, nítorí kò yọ wọ́n lẹ́nu.

Kí ló dé tí ti ẹnì kan kò fi yọ ọ́ lẹ́nu, tí ti ẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀? Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé àárín òkúta la kọ́lé sí. Ẹ wo ilé mẹ́ta ní agbègbè Olúmọ. Ti àkọ́kọ́, òkúta rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ó lè tóbi ju ilé náà lọ, síbẹ̀ wọ́n á máa sá aṣọ lé e lórí. Ti ìkejì, òkúta wọnú ògiri, ó sì ń ti yàrá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti ìkẹta, òkúta kékeré kan yọrí láàárín pálọ̀. Kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tẹ́ ẹní síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó yìí ṣe rí: òmíràn wà lẹ́yìn ilé ọmọ, òmíràn wà nínú ògiri rẹ̀, òmíràn sì yọrí sínú yàrá tí ọmọ yóò gbé. Ti inú yàrá yìí ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Lóṣooṣù, awọ tó bo inú ilé ọmọ máa ń ṣí kúrò, ẹ̀jẹ̀ á sì jáde. Ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró ni pé iṣan ilé ọmọ máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀, á sì fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ pa. Bí kókó bá wà nínú yàrá, awọ náà á nà bò ó, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fẹ̀ sí i, iṣan kò sì ní lè pàdé dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa ya. Àwọn dókítà sọ pé bí nǹkan oṣù bá kọjá 80 mìlílítà, tàbí tó bá ju ọjọ́ méje lọ, ó ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó ń fi ife wọn ọ́n nílé, nítorí náà àmì tí a lè wò ni èyí: kí páàdì kan kún láàárín wákàtí kan, léraléra, kí obìnrin máa jí lóru láti pààrọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń jáde tóbi ju awẹ́ obì lọ.

Gbogbo àmì yìí ni Àǹtí Ìtòkú ní. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni tiwọn máa ń gbà. Àdìrẹ aláró dúdú nìkan ni wọ́n ń ró lọ́jà lọ́sẹ̀ náà, páàdì méjì àti àkísà lábẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì í jókòó lórí àga ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi mu àgbo iju. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá jáde, ẹni tó ń ta àgbo á ní iju ló ń já bọ́ yẹn. Kì í ṣe iju. Ẹ̀jẹ̀ tó yára ya tó fi ráyè dì kó tó jáde ni. Kò sí ìwádìí tó dájú pé àgbo tí wọ́n ń tà lójà ń mú kókó yìí yọ́. Ohun tó dájú ni pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń mu ún.

Ọ̀kan nínú wa ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣírò owó, òun ló bá wa ṣírò rẹ̀ bí ìwé ọjà. Nǹkan bí ìdajì mìlígíráàmù èròjà irin ló wà nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ara ń rí bíi mìlígíráàmù kan àtààbọ̀ gbà nínú oúnjẹ lójúmọ́, ó sì ń pàdánù bí ẹyọ kan láìsí nǹkan oṣù rárá. Èyí tó ṣẹ́kù lóṣù kò ju 15 lọ. Bí obìnrin bá pàdánù 160 mìlílítà ẹ̀jẹ̀, 80 mìlígíráàmù irin ló lọ. Ó wọ gbèsè 65 nìyẹn, lóṣù kan péré. Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi pamọ́ sára kò sì ju bí 300 lọ. Láàárín oṣù márùn-ún, àpò ti ṣófo. Nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yìnyín lójoojúmọ́, tí wọ́n ń mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pí-sí-fí ti wálẹ̀ sí 21. Ó yẹ kó tó 36.

Ìwé sikáànù àkọ́kọ́ kò sọ ju pé kókó pọ̀, pé èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9. Gbogbo ẹbí bá dojú kọ ẹlẹ́ni 9 yìí. Dókítà kejì ló ní kí wọ́n tún sikáànù náà ṣe láti ojú ara, pẹ̀lú omi díẹ̀ tí wọ́n rọ sínú ilé ọmọ kí inú rẹ̀ lè hàn kedere. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ti 9 yẹn wà lẹ́yìnkùlé, kò fọwọ́ kan yàrá. Ọ̀kan wà nínú ògiri, ó jẹ́ 4. Ọ̀kan tó kéré jù, tí kò ju 3 lọ, ló jókòó sáàárín pálọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Òun náà ló ṣàlàyé oyún méjì tó ti bàjẹ́ lára wọn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, èyí tí àwọn kan ti ń wò ní ojú ayé. Kókó inú yàrá máa ń dí oyún lọ́wọ́ láti rìn mọ́ ara, ó sì máa ń jẹ́ kí oyún tètè wálẹ̀. Ti ẹ̀yìnkùlé kì í sábà dí oyún lọ́wọ́. Ti inú ògiri ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí.

Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fa páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì sí wọn lára, páìǹtì kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbé pí-sí-fí sókè ní nǹkan bíi 3. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lo oògùn irin fún oṣù méjì pẹ̀lú omi ọsàn, láìsí tíì nítòsí rẹ̀, títí ó fi dé 33. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló pa ilé lẹ́nu mọ́: ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, wọ́n lè gbé ilé ọmọ jáde láti gba ẹ̀mí là. Àǹtí fọwọ́ sí i, ọkọ wọn náà fọwọ́ sí i. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé wọ́n máa ń so rọ́bà mọ́ ọrùn ilé ọmọ, níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá gbà wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ lè dínkù bí wọ́n ti ń gé e. Wọ́n yọ ti 3, wọ́n sì yọ ti 9 nígbà tí ikùn ti wà ní ṣíṣí. Ti 4 tó wà nínú ògiri sún mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ náà jù, wọ́n fi í sílẹ̀.

Wọ́n ní kí ojú ọgbẹ́ gba oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lóyún. Ní oṣù kẹsàn-án, oyún dé, ó sì dúró. Ní oṣù karùn-ún oyún náà, ìrora ńlá mú wọn nínú ikùn, pẹ̀lú ibà díẹ̀. Kókó inú ògiri ti dàgbà ju ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ lọ, àárín rẹ̀ sì ń kú. Ìyá àgbà ní kí wọ́n yọ ọ́ kíá. Dókítà kọ̀, nítorí kókó nínú oyún kún fún ẹ̀jẹ̀, yíyọ rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ, kó sì mú ọmọ lọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé ibi ọmọ kò ṣí, parasitamọ́ọ̀lù, omi àti ìsinmi ni wọ́n fi tọ́jú wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ó rọlẹ̀.

Ewu tó kù wà ní ìgbẹ̀yìn. Kókó lè gba àyè ọmọ kó fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ síwájú bí Ìgè, ìrọbí lè yá ju ọjọ́ rẹ̀ lọ, ilé ọmọ sì lè má fún dáadáa lẹ́yìn ìbí kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Ti Àǹtí tún ní àpá tó wọnú yàrá, èyí tó lè fà ya bí ìrọbí bá le. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 38 ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde, wọn kò dúró de ìrọbí. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì wà nílẹ̀, wọ́n lo ọ̀kan. Obìnrin ni ọmọ náà.

Kókó tó kù ṣì wà níbẹ̀, òmíràn sì lè hù, nítorí yíyọ wọn kò sọ pé ilé ọmọ kò ní bí òmíràn mọ́. Àǹtí ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí nǹkan oṣù yín ń ya, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín wò. L'Abẹ́òkúta, ẹ lè béèrè dókítà tó ń tọ́jú obìnrin ní Ìdí-Aba, ní Ìjàyè tàbí ní Láńtòrò. Bí wọ́n bá ṣe sikáànù, ẹ rí i pé ìwé náà sọ iye kókó tó wà, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, àti bóyá ó fọwọ́ kan inú yàrá. Bí kò bá sọ èyí tó kẹ́yìn, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀.