Ìrìn, Àpótí àti Ọwọ́ Lórí Ikùn: Ìwọ̀n Wo Ló Tó?

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi ẹ̀rín sápò ná. Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà tí kò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́fà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ló ṣẹlẹ̀ sí. Láti Bẹẹrẹ ni wọ́n ti wá sọ́dọ̀ wa ní Àgbowó nígbà tí òjò ba òrùlé ilé wọn jẹ́. Ní Bẹẹrẹ, ṣáláńgá ni wọ́n ń lò. Wọ́n á lóṣòó, kò ní pẹ́, wọ́n ti parí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà'ba, bóyá wọ́n fẹ́ ra nǹkan o, bóyá wọn ò fẹ́ rà. Lọ́dọ̀ wa, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga, láti orí àga sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, ìrìn ọjọ́ kan parí nìyẹn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa sì jẹ́ èyí tí à ń jókòó lé. Ìyá àgbà ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé àwọn jókòó sórí àga ní ibi àpèjẹ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà tí wọn ò tíì yà rárá, wọn ò lè jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Wọ́n ní kí Dádì dá àwọn padà sí Bẹẹrẹ, òjò ì bá à máa rọ̀ lé àwọn lórí. Ní ọjọ́ keje, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń ta sí aṣọ wọn. Inú Àǹtí mi dùn. Wọ́n ní inú ti ṣí nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ lọ ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró.

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé ní ilé kejì sí tiwa. Àwọn ló dá wọn dúró. Wọ́n ní, "Ẹ má rà á o. Ìgbẹ́ líle ló dí ẹnu ọ̀nà, omi ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá fún Mama ní oògùn tó ń dá a dúró, ẹ tún fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni." Wọ́n bi Ìyá àgbà bóyá wọ́n ń bì, bóyá ikùn wọn wú, bóyá wọ́n ṣì ń só. Wọn ò bì, ikùn wọn ò le gbandi, wọ́n sì ń só. Síbẹ̀, Nọ́ọ̀sì ní kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí pé kò sí ìrìn tàbí ìwọ́ra tó lè fọ́ ìgbẹ́ tó ti dà bí òkúta. Dókítà ló bá wọn yanjú ìyẹn pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń tì sí ìdí. Nígbà tí ọ̀nà ti là, Nọ́ọ̀sì wá kọ́ wa ní ohun tí a ó máa ṣe kí ó má bàa tún dí. Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mo rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àkókò. Bí oúnjẹ bá ti dé inú àpòlúkù, ara a máa ránṣẹ́ sí ìfun ńlá pé kí ó gbéra, kí àyè lè wà. Òwúrọ̀ ni ìránṣẹ́ yìí máa ń lágbára jù. Nítorí náà, Ìyá àgbà á mu ẹ̀kọ gbígbóná, lẹ́yìn náà wọ́n á rìn, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó yá wọn o, kò yá wọn o. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìrìn náà kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń mú wọn lọ kí n tó lọ síléèwé. A kì í gba títì lọ, nítorí àwọn ọlọ́kadà Àgbowó kò mọ arúgbó. Inú ọgbà la ti ń rìn, láti géètì dé ibi táńkì omi, à á yí padà. Nọ́ọ̀sì ní bí Mama bá lè bá mi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí wọn kò tó kọrin, ìyára náà dára. Bí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀, ó ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá sì lè kọrin láìmí kànlẹ̀, à ń ṣeré ni. (Ìyá àgbà kọrin lọ́jọ́ kejì láti fi hàn mí pé àwọn le.) Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lẹ́ẹ̀kan. A ò kọjá ibẹ̀, nítorí orúnkún. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó. Èèyàn lè rìn jù bẹ́ẹ̀ fún ìlera mìíràn, ṣùgbọ́n ìfun kò ní tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po méjì. Bí òógùn bá sì jáde púpọ̀ tí a kò mu omi dípò rẹ̀, ìgbẹ́ á tún gbẹ sí i.

Ó kan lílóṣòó. Iṣan kan wà nínú ara tó dà bí okùn. Ó gba ẹ̀yìn ìparí ìfun, ó sì fà á síwájú, kí ìgbẹ́ má bàa máa jáde fúnra rẹ̀. Bí a bá jókòó bí ẹni tó jókòó ní kíláàsì, okùn yìí kò tú tán, ọ̀nà náà ṣì tẹ̀. Bí a bá lóṣòó, orúnkún á sún mọ́ àyà, okùn á dẹ̀, ọ̀nà á sì túbọ̀ tọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn bá mi wá ìwádìí kan tí dókítà ọmọ Ísírẹ́lì kan, Dov Sikirov, tẹ̀ jáde ní 2003. Ó ní kí àwọn èèyàn 28 ka ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n ń lò. Àwọn tó lóṣòó lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 51, àwọn tó jókòó sórí èyí tó ga bíi ti ilé wa lo nǹkan bí 130. Ẹ rántí o, àwọn tí ara wọn dá ni wọ́n. Ìwádìí náà sọ pé lílóṣòó yá jù, kò sọ pé ó ń wo ẹni tí inú rẹ̀ ti dí sàn.

Ìyá àgbà fẹ́ gun etí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ náà, kí wọ́n lóṣòó sórí rẹ̀. Mọ́mì figbe ta. Àwo náà lè fọ́, èèyàn sì lè yọ̀ ṣubú, àfọ́kù rẹ̀ a máa géni bí abẹ. Ohun tí Nọ́ọ̀sì ṣe ni pé wọ́n wo inú ilé ìdáná wa, wọ́n sì gbé àpótí tí Mọ́mì fi ń jókòó ro àmàlà. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ìyá àgbà á jókòó sórí àwo, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí, orúnkún á wá ga ju ìbàdí lọ. Wọ́n á tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ lé itan. Kò sí ìgìnrìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pẹ́ tán mẹ́wàá, bí kò bá wá, kí wọ́n dìde, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún jẹun. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ síbẹ̀ tó ń gìn, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń pè. Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ ń mú fóònù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà.

Ìwọ́ra ikùn ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí gbogbo èèyàn ló gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ní ọgbà wa ti ní kí àwọn fi Róòbù àti ìkúùkù wọ́ ọ lọ́jọ́ kẹfà yẹn. Ọpẹ́ ni pé Dádì kọ̀. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ìyá àgbà á kọ́kọ́ tọ̀. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á ká orúnkún sókè kí ikùn lè rọ̀. Kì í ṣe kété tí wọ́n jẹun tán, à á dúró tó wákàtí kan. Ọ̀nà tí ìfun ńlá gbà ni ọwọ́ máa gbà: ó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn ní apá ọ̀tún, ó gòkè dé abẹ́ ìhà, ó dá kọjá lókè ìdodo sí apá òsì, ó wá sọ̀ kalẹ̀ ní òsì. Bí a bá gba òdìkejì, à ń ti ẹrù padà síbi tó ti ń bọ̀ ni. Àtẹ́lẹ́wọ́ ni à ń lò, pẹ̀lú òróró díẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò bóyá píà ti rọ̀. Bí Ìyá àgbà bá fajúro tàbí tí ikùn wọn le láti dènà ọwọ́ mi, mo ti tẹ̀ ẹ́ jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ó tó.

Kò sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn ará Súwídìn dán irú rẹ̀ wò fún èèyàn 60, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ ní 2009. Wọ́n wọ́ ikùn ìdajì wọn fún ọ̀sẹ̀ 8. Ara tù wọ́n ju àwọn tí wọn ò wọ́ lọ, ṣùgbọ́n oògùn ìgbẹ́ tí wọ́n ń lò kò dín kù. Mo fẹ́ràn òótọ́ yẹn. Ìwọ́ra ń ran oògùn àti oúnjẹ lọ́wọ́ ni, kò lè gba ipò wọn.

Nọ́ọ̀sì ní a ò gbọdọ̀ wọ́ ikùn aláboyún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí ẹni tó ní ìpá. Bí ìrora bá dé lójijì, bí èébì bá dé, bí ibà bá dé, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí èèyàn ò lè só mọ́, kí a gbé ọwọ́ kúrò, kí a lọ rí dókítà.

Mo ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé bíọ́lọ́jì mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìyá àgbà yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, ó sì le. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ojoojúmọ́ là ń wá, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ní láti ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ dé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dára, bí kò bá ti le tí kò sì dunni. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, a dá ìwọ́ra dúró láti wò ó. Kò yí padà. Ìrìn àti ewédú la mú dání. Àpótí kò kúrò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Mọ́mì ti ra òmíràn ní ọjà Bódìjà fún àmàlà.