Ìṣẹ́jú Méjìlá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà àkáǹtì olè. Kò sẹ́ni tó jí fóònù màmá mi, kò sì sẹ́ni tó yọ ìbọn sí wa. Owó ìdánwò WAEC ẹ̀gbọ́n mi àti owó ọjà màmá mi ni, àwa la sì fi tinútinú fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, ọ̀rọ̀ wọlé sórí Wọ́sáàpù màmá mi láti ọ̀dọ̀ Àǹtí Ìbàdàn, àbúrò wọn. Fọ́tò Àǹtí ni, nọ́ńbà Àǹtí náà sì ni. Wọ́n ní àwọn wà lọ́jà, àpù báǹkì àwọn ò ṣí, kí màmá mi jọ̀ọ́ bá àwọn san 70,000 náírà fún ẹni tó ń ta ọjà fún àwọn, àwọn á dá a padà tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó yẹ kí ìyẹn ti jẹ́ kí n fura, torí Àǹtí kì í kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbọ́n wọn, ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́.

Màmá mi kì í rí ìwé kéékèèké kà dáadáa, èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà tán, orúkọ ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí ló jáde. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣebí ó ti sọ pé ti ọlọ́jà ni." Wọ́n gba fóònù, wọ́n tẹ nọ́ńbà àṣírí wọn fúnra wọn. Aago 4:10 ló wà lára risíìtì.

Mo ní kí n pe Àǹtí, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé: ẹ ṣeun o, ẹ má pè mí, fóònù mi ò gbé ohùn jáde mọ́, ẹ ṣáà ṣe sùúrù di aago mẹ́jọ. A gbà á gbọ́, a sì jókòó. Nígbà tó di aago 4:48, a tún fi 50,000 ránṣẹ́, torí wọ́n ní owó ọjà náà kò tíì pé.

Nígbà tó di aago 4:55, Àǹtí Ìbàdàn fi fóònù aládùúgbò wọn pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí Wọ́sáàpù mi o! Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi láti ọ̀sán." Ẹnì kan ló pè wọ́n pé òun ń kó orúkọ jọ fún ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọ fóònù wọn fún òun. Wọ́n kà á. Kọ́ọ̀dù Wọ́sáàpù wọn ni wọ́n kà yẹn.

Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní báǹkì ti ti ilẹ̀kùn, tó bá di Mọ́ńdè, àwọn á lọ síbẹ̀. Èmi náà dúró, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Nígbà tó yá ni mo sáré lọ bá bọ̀ọ̀dá tó ń ṣe pí-ó-ẹ́ẹ̀sì níwájú ilé wa. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Mọ́ńdè kẹ̀? Ẹ̀yìn káàdì màmá ẹ, nọ́ńbà báǹkì wà níbẹ̀. Pè é báyìí!" Aago 5:07 la pè.

Ìbéèrè tí wọ́n bi wá lórí fóònù kò pọ̀. Wọ́n bi wá ní iye owó, àsìkò tí a fi ránṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì tó gbà á, àti báǹkì tó wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká ka Session ID. Ó wà nísàlẹ̀ risíìtì, nọ́ńbà 30 tó tò tẹ̀lé ara wọn, tránsífà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Òun ni báǹkì kejì fi ń mọ owó náà láàárín gbogbo owó tó wọlé lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa: "Ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín fúnra yín, Mà?" Ojú ti màmá mi, wọ́n fẹ́ ní rárá. Bọ̀ọ̀dá mi orí sí wọn. Ó ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé tí wọ́n bá ti ní olè ló wọ àkáǹtì wọn, àkáǹtì màmá mi ni báǹkì máa kọ́kọ́ tì, wọ́n á máa wádìí fóònù wa kiri, olè á sì máa ná owó lọ. Màmá mi sọ òótọ́: "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi gbájúẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi ni."

Mo rò pé wọ́n á kàn tẹ nǹkan kan, kí owó padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2011 tí NIBSS ti gbé ètò NIP kalẹ̀, owó tí a bá fi ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ń dé kíákíá, báǹkì wa kò sì lè na ọwọ́ wọ inú àpò báǹkì ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n kọ̀wé kíá sí báǹkì tó gbà á, kí wọ́n bá wa di owó náà mú síbẹ̀. Èyí tó bá ṣì wà níbẹ̀ ni wọ́n máa dì mú. Olè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí owó sùn sínú àkáǹtì yẹn: ó ń fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbà á lówó ọwọ́. "Ẹ má pè mí, ẹ ṣe sùúrù di aago mẹ́jọ" wá yé mi. Owó wa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àsìkò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin kan ní báǹkì sọ bó ṣe rìn fún wa. 70,000 àkọ́kọ́ kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ kó tó jáde. Nínú 50,000, wọ́n ti fa 20,000 jáde ní aago 5:01. 30,000 tó kù ni wọ́n dì mú.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Aago 4:55 ni Àǹtí pè, aago 5:07 la pe báǹkì. Nígbà tí màmá mi ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún bàbá mi ni 20,000 yẹn jáde.

30,000 náà kò sì tètè wọlé. Màmá mi kọ lẹ́tà sí báǹkì, wọ́n lọ gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá, a sì tẹ fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù náà kí olè tó pa á rẹ́. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́fà, ó tún kọ̀wé pé òun ṣì nílò 40,000.

Owó àjọ tí màmá mi kó ni wọ́n fi san owó WAEC ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá mi gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò tiẹ̀ pariwo. Wọ́n kàn mú bírò, wọ́n kọ nọ́ńbà báǹkì gàdàgbà sára ògiri pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n, níbi tí màmá mi ti lè rí i kà láìwọ awò.