Mo Kọ Aṣọ, N Kò Kọ Ẹbí

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àwòrán léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run já sórí Wáàsáàpù ẹbí wa. Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo tẹ̀ lé, ló fẹ́ fa ọmọ wọn fọ́kọ. Ọ̀pá márùn-ún, ₦75,000. Gèlè rẹ̀ lọ́tọ̀, ₦12,000. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń to orúkọ wọn sísàlẹ̀ àwòrán náà. Ẹnìkan tó fẹ́ràn mi ti bá mi kọ tèmi sí ipò kẹsàn-án.

Aṣọ ẹbí mẹ́ta ni mo ti rà lọ́dún náà: ti òkú, ti ìkómọ, àti ti ọjọ́ ìbí. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kò tíì pé. Bí mo bá sì ra léèsì yìí, télọ̀ náà ń bẹ lọ́nà tí yóò gba ₦25,000 kó tó fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo mọ̀ pé n kò ní lè rà á. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Ẹ̀rù tó bà mí kò ṣàdédé wá. Nígbà kan rí, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, mo sì dákẹ́. Mo rò pé bí n kò bá dáhùn, wọn yóò mọ̀ pé n kò rà. Àfi bí ìyàwó ilé wa kan ṣe kanlẹ̀kùn mi lálẹ́ ọjọ́ kan, tòun ti aṣọ nínú láílọ́ọ̀nù. Ó ti bá mi gbà á ní àwìn lọ́dọ̀ aláṣọ, nítorí ó dá a lójú pé mo máa san án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre. Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó lọ, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò kí mi ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mo rò nígbà náà pé torí mo kọ aṣọ ni. Ọdún púpọ̀ ló gbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe kíkọ̀ ló dùn ún, ìgbà tí mo kọ̀ ni.

Ẹni tó là mí lójú ni ìbátan wa kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbàgì n'Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, mo lọ bá a ní ìsọ̀. Ó ṣírò rẹ̀ fún mi lórí bébà tí wọ́n fi ń di aṣọ. Léèsì yẹn, ẹni tó bá kó ogójì lẹ́ẹ̀kan yóò gbà á ní ₦62,000. ₦75,000 ni ẹbí ń san. ₦13,000 ló wà láàárín. Ní ọ̀nà ogójì, ó jẹ́ ₦520,000.

Mo ní, "Ṣé èrè ni wọ́n wá ń jẹ lórí wa ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èrè kẹ̀? Níbo lẹ rò pé owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ẹ̀bùn tí ẹ ó gbé lọ sílé ti ń wá?"

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Bí mo bá sọ pé n kò rà kí wọ́n tó lọ sọ́jà, ₦13,000 péré ni mo yọ kúrò nínú ìnáwó Àǹtí mi. Bí mo bá dúró dìgbà tí wọ́n bá ti kó aṣọ dé, mo ti da ₦62,000 ẹlòmíràn sílẹ̀, nítorí aláṣọ kì í gba aṣọ tí wọ́n ti gé padà. Aṣọ kan náà ni, ẹni kan náà ló kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìkíní jẹ́ àìrówó, èkejì sì di gbèsè sọ́rùn ẹni tí kò ṣẹ̀.

Mo tún wá rí i pé ẹrù mẹ́ta ni aṣọ ẹbí ń rù. Ó ń fi hàn níta pé a jẹ́ ara ilé. Ó ń dá owó sí ìnáwó. Ó sì ń jẹ́ kí olóde mọ iye ẹni tó máa dúró tì í lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sọ aṣọ náà kalẹ̀ láìbá wọn wá ibòmíràn tí yóò gbé ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, òun ló ń ṣẹ ẹbí.

N kò kọ nǹkan kan sórí Wáàsáàpù. Ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀, gbogbo ẹbí ni yóò dá sí i, ẹni tí òun náà kò lówó lọ́wọ́ á sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ilé Àǹtí mi lọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó, mo bá wọn ṣa á.

"Àǹtí mi, léèsì yẹn dára gan-an. Ṣùgbọ́n apá mi ò ká a báyìí, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló gbé mi mì. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí wọ́n tó lọ sọ́jà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀wà. "Kí ni àwọn ará ilé ọkọ ọmọ yìí yóò sọ, bí àbúrò ìyá ìyàwó bá wọ tirẹ̀ lọ́tọ̀?"

Ìbéèrè ẹrù àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ra gèlè nìkan, kí n wé e pẹ̀lú léèsì funfun mi. Gèlè ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí." Mo fi àpòòwé sílẹ̀ níwájú wọn, ₦20,000 ló wà nínú rẹ̀. "Èyí ni mo lè fi ti ìnáwó náà lẹ́yìn. Ẹ sì fi ìdí ìkòkò sílẹ̀ fún mi, láti àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gba àpòòwé náà. "O ṣeun tó o tètè sọ. Màá ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ."

Ẹ kíyè sí ohun tí n kò sọ. N kò sọ pé aṣọ náà ti wọ́n jù, nítorí ẹni tó yàn án ló ń gbọ́ èébú nínú ìyẹn. N kò purọ́ ìrìn àjò, nítorí ẹsẹ̀ mi máa wà lágbo. N kò sì sọ pé aṣọ ẹbí jẹ́ ìnákúnàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè fi wákàtí kan sọ ọ́. Ẹni tó wá tọrọ àforíjì kì í ṣe ìwàásù.

Ó ní ibi tí ọgbọ́n yìí kò dé. Bó bá jẹ́ òkú ìyá tó bí mi ni, gèlè nìkan kò tó. A ó jókòó, a ó jọ mú aṣọ tí apá gbogbo ọmọ ká. Wọn kò sì ṣàì dẹ́yẹ sí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Ọmọ kan tó ń pín oúnjẹ wo léèsì funfun mi, ó gbé àwo fo orí mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ìyá àgbà kan sì bi mí, kí gbogbo tábìlì lè gbọ́, bóyá aṣọ kò kárí ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìdí ìkòkò ni mo ti ń bọ̀. Òótọ́ ni, èéfín ṣì wà lára mi.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ayàwòrán ké pe àwọn aláṣọ ojú ọ̀run. Mo fà sẹ́yìn, nítorí mo mọ ipò mi. Ni mo bá gbọ́ ohùn Àǹtí mi láàárín èrò: "Onígèlè mi dà? Ẹ má tíì yà á o." Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n tún etí gèlè mi ṣe. Nínú àwòrán tó wà ní pálọ̀ wọn lónìí, èmi nìkan ni mo wọ funfun láàárín búlúù. Àlejò tó bá béèrè ẹni tí mo jẹ́, àbúrò àwọn ni wọ́n ń sọ pé mo jẹ́, èyí tó dáná.