Ta Ni Ń San Owó VPN Ọ̀fẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi obìnrin ní Lagere, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ó ti ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ó pọ̀ jù kì í ṣe ará Ifẹ̀. Ará Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n, àní àwọn mìíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, orí Twitter, tí wọ́n ń pè ní X nísinsìnyí, sì ni wọ́n ti máa ń rí àwòrán ọjà rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021 pé àwọn ti dá Twitter dúró, tí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọjọ́ kejì, ńṣe ni títà rẹ̀ dákẹ́ bí ọjà tí òjò tú ká.

Kò pẹ́ tí ó fi rí ọ̀nà àbáyọ. Ọmọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá a fi áàpù VPN kan sí inú fóònù, ó gba 200 náírà owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní, "Àǹtí, ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ mọ́." Lóòótọ́, Twitter ṣí. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá àwa olùkọ́, ẹni tí kò ní VPN lóṣù náà kò pọ̀, èmi náà sì ní. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba nígbà náà, Abubakar Malami, ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹni tí ó bá tàpá sí òfin náà lọ sí kóòtù, nítorí náà ìjọba ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Kò sí ẹni tí ó rántí láti bẹ̀rù áàpù.

Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Dátà gíìgì 10 tí ń tó o lò fún oṣù kan kò pé ọjọ́ 12 mọ́. Fóònù á máa gbóná nínú àpò, bátìrì rẹ̀ kì í dalẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá mi, àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ti di olè." Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ta ni kò tíì bú wọn rí? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ti kọ́ mi pé kí n wo ìwé ọmọ kí n tó nà án. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún alẹ́ méjì.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo tan VPN sílẹ̀, mo wo iye dátà tí ó kù, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì gbé fóònù lé orí tábìlì láì fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́gábáìtì 410 ti lọ. Lálẹ́ kejì mo pa VPN, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bákan náà. Mẹ́gábáìtì 9 péré ni ó lọ. Ẹni tí ó sùn kò jẹun, ṣùgbọ́n fóònù yìí ń jẹun lójú oorun.

Kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó ń jẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí VPN ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ẹ fi í wé létà. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín dà bí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń wo àdírẹ́sì tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn ápótí létà kí ó tó fi ránṣẹ́, bí ìjọba bá sì ní kí létà Twitter má kọjá, á dá a dúró. Ohun tí VPN ń ṣe ni pé ó gbé létà yín sínú àpò mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì kọ àdírẹ́sì ti ara rẹ̀ sí i. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò rí Twitter mọ́, ilé VPN nìkan ni ó rí. Nígbà tí ó bá dé ilé VPN lókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya àpò òde, wọ́n á ka àdírẹ́sì tòótọ́, wọ́n á sì fi létà ránṣẹ́ síwájú.

Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ dáadáa. Ojú tí ń wo àdírẹ́sì yín kò kúrò. Ńṣe ni ó ṣí kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ní ọ́fíìsì àti ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, tí a lè pè lẹ́jọ́, lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀. N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìkànnì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https://, inú létà fúnra rẹ̀ wà ní lílẹ̀pa, onívípíẹ́ẹ̀nì kò sì lè ka pásíwọ́ọ̀dù báńkì yín. Ṣùgbọ́n ó mọ báńkì tí ẹ ń lò, wákàtí tí ẹ wọ ibẹ̀, áàpù tí ẹ fẹ́ràn jù, àti bí ẹ ṣe ń pẹ́ tó nínú rẹ̀. Àwọn kan wà ní ayé yìí tí wọ́n máa ń fi owó ra irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Facebook rà á, àní ó ra odidi ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é. Ní ọdún 2013 ni ó ra ilé iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì tí ń jẹ́ Onavo. Áàpù wọn, Onavo Protect, jẹ́ VPN ọ̀fẹ́, wọ́n sì sọ fún aráyé pé yóò dáàbò bo dátà wọn. Facebook ní tirẹ̀ ń lo ohun tí ó ń gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá láti mọ áàpù tí àwọn ènìyàn ń lò, àti iye ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Nínú àwọn ìwé tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, a rí àwọn àtẹ ìṣirò láti ọwọ́ Onavo tí ó ń fi hàn Facebook bí WhatsApp ṣe ń gbilẹ̀, kí ó tó di pé ó fi bílíọ̀nù dọ́là 19 rà á ní 2014. Onílé ìtajà tí ó mọ iye oníbàárà tí ń wọ ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yin oníṣòwò ẹ mọ ohun tí ìyẹn tó. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Ọsirélíà ní kí àwọn ẹ̀ka Facebook tí ó ni áàpù náà san mílíọ̀nù dọ́là 20 owó ilẹ̀ wọn, nítorí pé wọn kò sọ fún àwọn ènìyàn kedere ohun tí wọ́n ń fi dátà wọn ṣe. Áàpù náà ti kúrò lórí igbá ṣáájú ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n kíka àdírẹ́sì nìkan kò ní jẹ mẹ́gábáìtì 410 lóru. Ọ̀nà kejì wà, òun ni ó sì bà mí lẹ́rù jù. Àwọn VPN ọ̀fẹ́ kan kì í ta ìròyìn yín, ọ̀nà yín gan-an ni wọ́n ń yá fún ẹlòmíràn. Ẹnì kan wà níbì kan tí ó fẹ́ kí létà òun dà bí ẹni pé ilé onílé ni ó ti wá. Ó san owó fún onívípíẹ́ẹ̀nì, létà rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ yín, ó sì jáde padà pẹ̀lú àdírẹ́sì yín lẹ́yìn rẹ̀. Dátà tí ẹ fi owó yín rà ni ó gùn wọlé, òun náà ni ó gùn jáde. Ní 2015 ni gbogbo ayé mọ̀ pé Hola, VPN ọ̀fẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ń ta ọ̀nà àwọn tí ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn, ìyẹn Luminati.

Ti Hola ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ń jẹ́ 911 S5. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n mú ọkùnrin ará Ṣáínà kan, YunHe Wang, ní Singapọ́ọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kàn án, àwọn VPN ọ̀fẹ́ bíi MaskVPN, DewVPN àti ShieldVPN ni wọ́n fi wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó jọ lé ní mílíọ̀nù 19. Wọ́n ń yá a fún àwọn oníjìbìtì, wọ́n sì ní nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là 99 ni ó wọlé fún un láàárín 2018 sí oṣù Keje 2022. Àwọn tí ó yá a fi ń jí owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà kòrónà. Ẹ fi ojú inú wo bàbá kan tí ó jókòó jẹ́jẹ́ nílé rẹ̀, tí kò ṣe ju kí ó fi VPN ọ̀fẹ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé àdírẹ́sì tirẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn létà olè.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni áàpù àbúrò mi ń ṣe? N kò lè búra. Ó lè jẹ́ pé ìpolówó ni ó ń kó wọlé lóru, nítorí àwọn tí ń polówó náà wà lára àwọn tí ń san owó VPN ọ̀fẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fóònù tí kò ṣiṣẹ́ kò yẹ kó jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀, a sì yọ áàpù náà dànù. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán tirẹ̀ wò lè tẹ *323# láti mọ iye dátà tí ó kù kí ó tó sùn àti nígbà tí ó bá jí, alẹ́ kan pẹ̀lú VPN, alẹ́ kan láìsí i. Kí ó ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí nígbà mìíràn fóònù máa ń tún àwọn áàpù rẹ̀ ṣe lóru, ìyẹn náà sì ń jẹ dátà. Ẹni tí ó bá ń lo MiFi ní àmì mìíràn láti wò. Ẹ̀rọ ènìyàn lásán máa ń gba ohun púpọ̀ wọlé, ó sì ń rán díẹ̀ jáde. Bí èyí tí ń jáde bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ń wọlé, tí ẹ kò sì fi fídíò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ó ṣeé ṣe kí àlejò wà nínú ilé.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀fẹ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Proton VPN, tí ó wá láti Switsalandi, ní èyí tí a kì í sanwó fún, ṣùgbọ́n ó sọ ẹni tí ń san án ní gbangba: àwọn tí ó ra èyí tí ó gbówó lórí ni. Ẹni tí kò sanwó á lò ó lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kò sì ní yan orílẹ̀-èdè tí ó wù ú. Ìyẹn yé mi. Ó dà bí alágbo tí ń fún ènìyàn ní ìtọ́wò ṣíbí kan kí ó lè ra ìgò.

Mo padà lọ bá ọmọkùnrin yẹn ní Lagere. Mo bi í pé ta ni ń san owó áàpù tí ó ń fi sí fóònù ènìyàn. Ó ní, "Tíṣà, n kò bèèrè rí." A jọ ṣí ojú ewé áàpù náà, a wá orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Àdírẹ́sì í-méèlì lásán ni a bá, kò sí ọ́fíìsì, kò sí ìlú. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá fa ìwé kékeré kan jáde láti abẹ́ tábìlì, níbi tí ó ń kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Ó ka àwọn tí ó ti fi áàpù náà sí fóònù wọn, ó jẹ́ 43. Ó bi mí bóyá yóò dá 200 náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan padà, mo ní kò pọn dandan, kí ó ṣáà pè wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó pè kò gbé e.