Ìdíkọ̀ Tó Jọ Tiwa, Tí Kì í Ṣe Tiwa

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé ibo la wà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwa àti Màmá yín lọ rí àbúrò wọn ní òkè Sìkọ́tílándì ni, ọkọ̀ ojú irin alẹ́ la sì wọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí a máa rin ọ̀nà náà. Ti àkọ́kọ́, lọ́dún tó kọjá, ìtìjú ló bá wa bọ̀ nílé. Torí pé àwọn ọmọ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń sọ pé àwọn náà fẹ́ wọ ọkọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ jókòó dáadáa.

Àbúrò Màmá yín ń ṣiṣẹ́ ní ibì kan tí mọ́tò kò dé. Orúkọ ìdíkọ̀ tó sún mọ́ ọn ni Corrour. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì àti sára pátákó, Kọráwà ni wọ́n sì ń pè é. Ó ga tó mítà 408 sókè òkun, kò sì sí ìdíkọ̀ lójú ọ̀nà irin ńlá kankan ní gbogbo Bìrìtéènì tó ga jù ú lọ. Títì tí gbogbo ayé ń gbà kò dé ibẹ̀ rárá. Ọkọ̀ ojú irin lèèyàn ń bá dé ibẹ̀, àbí kó fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé a ń bọ̀ wá wò ó, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la kò lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ni. Nígbà tí a wá sọ fún un lẹ́ẹ̀kẹta pé a ń bọ̀ ní àárọ̀ Tuesday, ohun tó sọ ni pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní wá, ẹ má sọ fún mi o. Mo máa gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ títí di aago 11, mo máa dúró dè yín." A ní kó fọkàn balẹ̀.

Ọkọ̀ náà máa ń gbéra ní Yúsítìn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí aago 9 alẹ́. Kì í lọ ní alẹ́ Saturday, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni pé kì í ṣe ọkọ̀ kan ló ń lọ, mẹ́ta ni. Kóòṣì 16 ló so kọ́ra gbọọrọ, ṣùgbọ́n tó bá dé Ẹ́dínbọ́rà lóru, wọ́n á tú u sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan á lọ sí Abadíìnì, apá kan á lọ sí Ínfánẹ́ẹ̀sì, apá kẹta á sì gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí Fort William. Apá kẹta yìí nìkan ló ń kọjá ní Kọráwà. Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ó wà, ẹ ó kàn gbọ́ gbì, gbì, bí wọ́n ṣe ń já a, ẹ ó sì tún sùn lọ. Torí náà, lẹ́tà kóòṣì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Tí ẹ bá lọ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ní kóòṣì mìíràn tí oorun sì gbé yín lọ síbẹ̀, ìlú mìíràn ni ilẹ̀ lè mọ́ bá yín. Ẹni tó ra ìjókòó lásán, tí kò ra bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń lọ sí apá tiwa yìí, ó gbọ́dọ̀ dìde ní Ẹ́dínbọ́rà lóru kó bọ́ sí kóòṣì mìíràn. Àwa ra bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Màmá yín ló gba ti ìsàlẹ̀.

Ibi tí a ti ṣìnà kò le rárá. Ní àárọ̀, a jí, a wo ojú fèrèsé. Ilẹ̀ àbàtà ló lọ salalu, kò sí ilé, kò sí igi, omi dúdú ń dán káàkiri. A ní, "Á! A ti dé." Nẹ́tíwọọ̀kì kò sí lórí fóònù, máàpù wa ṣì ń sọ pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún la wà. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra. Ìdíkọ̀ kékeré kan yọ, pèpéle kan ṣoṣo láàárín irin méjì, ilé kékeré kan lórí rẹ̀. Àwọn tó gbé ẹrù sẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́ lọ rìn lórí òkè, ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, àwa náà gbé báàgì, a tẹ̀lé wọn. A kò ka pátákó. Ọkọ̀ lọ tán kí Màmá yín tó gbójú sókè, wọ́n ní, "Dádì, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

Rannoch ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ránọ̀kì. Kọráwà ṣì kù níwájú, nǹkan bíi máìlì 7.

Ẹ̀yin ará wa, máìlì 7 lè dà bí ohun kékeré. Ẹ ní a ò ṣe gbé takisí? Títì kan wà ní Ránọ̀kì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi ìdíkọ̀ yẹn gan-an ló parí sí. Kò sí títì láti ibẹ̀ lọ sí Kọráwà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà lórí òkè, ṣùgbọ́n ó jìn ju ọ̀nà irin lọ dáadáa, bàtà ìjádelọ ló sì wà lẹ́sẹ̀ wa. Rírìn lórí irin, ẹ má tiẹ̀ dá a láṣà, ó léwu, òfin kò sì gbà á. Ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ lóòjọ́ kò pọ̀. Ó ju wákàtí méjì lọ kí òmíràn tó dé.

Ohun tó dùn wá jù kì í ṣe òtútù. A mọ̀ pé ní àkókò yẹn gan-an, ọmọ yẹn dúró lórí pèpéle, ọkọ̀ tí a sọ pé a wà nínú rẹ̀ dé, ilẹ̀kùn ṣí, a kò sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì lọ. Kò sí bí a ṣe lè pè é.

Nígbà tí a dé Kọráwà, aago 11 ti kọjá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló tó gbọ́ pé a wà níbẹ̀. Wákàtí kan péré la fi jókòó kí ọkọ̀ ìpadàbọ̀ wa tó dé. Kò bínú. Ó kàn sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Àǹtí mi, mo wo gbogbo fèrèsé ọkọ̀ yẹn bó ṣe ń lọ." Màmá yín kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́tẹ̀ yìí, a ṣe é lọ́nà mìíràn. Bí a ṣe wọlé ní Yúsítìn ni a ti sọ fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé Kọráwà la ń lọ. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké kan wà lójú ọ̀nà náà tó jẹ́ pé ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀ àfi tí èrò bá sọ pé òun ń sọ̀ ńbẹ̀. A sì bi í pé ilẹ̀kùn wo la ó gbà jáde. Pèpéle kéékèèké kì í gùn tó ọkọ̀, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ló ń ṣí. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí, ọkọ̀ á gbé e lọ. Ó fi kóòṣì tí a ó lọ dúró sí hàn wá, ó sì ṣèlérí láti kan ilẹ̀kùn wa ní wákàtí kan ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, a kọ orúkọ ìdíkọ̀ mẹ́rin sórí bébà bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn: Bridge of Orchy, Rannoch, Corrour, Tulloch. A kò gbọ́kàn lé aago, torí pé ọkọ̀ lè pẹ́. A kò gbọ́kàn lé fóònù. Orúkọ ìdíkọ̀ la ń kà, a sì ń fa ìlà lé e bí a ṣe ń kọjá.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá wò ó. Ṣáájú Bridge of Orchy, irin á ṣẹ́ kọrọdọ bíi pátákò ẹṣin ní ẹsẹ̀ òkè ńlá kan, débi pé ẹ lè rí iwájú ọkọ̀ yín láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni àbàtà, lẹ́yìn náà Ránọ̀kì. Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ránọ̀kì, á gun afárá gígùn kan. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn díẹ̀ á ṣú lójijì: wọ́n fi òrùlé bo irin níbẹ̀ kí yìnyín tí atẹ́gùn ń gbá jọ má baà dí ọ̀nà. Irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn ní Bìrìtéènì. Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́ òrùlé yẹn kọjá, kò tíì dé Kọráwà. Ẹni tó bá ti gbà á kọjá, kó gbé báàgì, kó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n fi hàn án, Kọráwà ló kàn. Tí ẹ bá wá rí adágún gígùn kan nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì tí ọkọ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ti kọjá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ̀ ní Tulloch, kí ẹ béèrè ọkọ̀ tó ń padà bọ̀.

Nígbà tí a dé Ránọ̀kì lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó gbé ẹrù sẹ́yìn tún tò, wọ́n tún sọ̀. Màmá yín di ọwọ́ wa mú gírígírí bí ẹni pé a fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. A fa ìlà lé Rannoch. Afárá kọjá. Òrùlé ṣú, ó tún mọ́lẹ̀. A ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, báàgì lọ́wọ́.

Pátákó la kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà la rí ọmọ náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle yẹn, nínú òtútù, àwọn òyìnbó ń wò ó láti ojú fèrèsé.