Kọ̀ǹpútà Mi Kọ̀, Kò Tàn

Ẹ̀yin tí ẹ pè mí ní alẹ́ Sọ́ńdè tí mi ò gbé e, ẹ má bínú. Ojú mi rí nǹkan.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo tẹ bọ́tìnì láàpútọ́ọ̀pù mi nínú yàrá mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kò dáhùn. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Orí kẹta ìwé ìwádìí mi wà nínú rẹ̀, ọ̀gá mi sì ń retí rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo ní níbòmíì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àyà mi já.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti tún kọ̀ǹpútà ṣe rí ní Ọ̀tìgbà, n'Íkẹjà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, kọ̀ǹpútà mi ti kú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti kú? Má tíì tú nǹkan kan o. Ibi tí iná ti ń wọlé la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n ní kí n ki wáyà fìtílà orí tábìlì mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Fìtílà tàn. Iná kékeré ara ṣájà náà tàn. Ká ní kò tàn ni, fíùsì inú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń lò níbí là bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí n wá ki ẹnu ṣájà bọ láàpútọ́ọ̀pù, kí n sì máa wo iná ṣájà yẹn. Tó bá kú bí mo ṣe ń kì í bọ̀ ọ́, a jẹ́ pé nǹkan kan nínú ẹ̀rọ ló ń gbé iná gba ọ̀nà tí kò yẹ. Tèmi ò kú. Nígbà tí mo tún tẹ bọ́tìnì, iná aláwọ̀ ọsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú létí ẹ̀rọ. Iná ń wọlé nìyẹn.

Ó kan bátìrì. Inú ni tèmi wà, nítorí náà mo yọ ṣájà, mo tú súkúrú ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá bátìrì wú. Bó bá wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ó lè gbiná. Tèmi ò wú. Mo fẹ̀sọ̀ yọ wáyà rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí iná tó kù sínú rẹ̀ lè tán, mo wá ki ṣájà nìkan bọ̀ ọ́. Fáànù yí, àmọ́ ojú ṣì dúdú, iná ọsàn ṣì ń ṣẹ́jú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú rẹ̀ ló fọ́ nìyẹn." Wọ́n ní, "Dúró ná. Tẹ Caps Lock." Iná orí rẹ̀ ò tàn, kò sì kú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́, mi ò rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́ kankan. Mo fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, òfo ni. Ká ní ojú nìkan ló bàjẹ́, Caps Lock á máa dáhùn, àwòrán á sì sábà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Tèmi ò tíì jí rárá.

Ó wá ku mẹ́mọ́rì. Ẹ̀rù tún bà mí: "Ṣé iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn?" Wọ́n ní, "Rárá o, àbúrò. Ráàmù ni tábìlì tí o ti ń ṣiṣẹ́, dísìkì ni àpótí tí o kó ìwé sí. Tábìlì lè ṣẹ́, kí àpótí má mọ̀."

Mo yọ ṣájà, mo fọwọ́ kan irin tútù kí iná ara mi má baà ba nǹkan jẹ́. Ráàmù méjì ló wà níbẹ̀. Mo ya ìrọ́ tó dì wọ́n mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dìde sókè, mo fi rọ́bà ìpajẹ́ nu eyín wúrà wọn. Mo dá àkọ́kọ́ padà nìkan, kò jí. Mo fi ìkejì rọ́pò rẹ̀ nínú ihò yẹn kan náà. Ojú dúdú fún bí ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ pa á, Ẹ̀gbọ́n ní kí n ní sùúrù, pé tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ráàmù, ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lójijì, ó tàn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo da orí kẹta sórí fíláàṣì, mo sì fi ránṣẹ́ sí ara mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pa á, tí mo fi ráàmù àkọ́kọ́ sínú ihò kejì, òun nìkan. Kò jí. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ráàmù fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, kì í ṣe ihò. Mo dá èyí tó dáa padà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó kàn lọ́ra díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín fẹ́lẹ́ gan-an, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jó ráàmù tiyín mọ́ pátákó, kò ní ṣeé yọ. Ìyẹn di tàwọn tó ń tún un ṣe.

Mo fi orí kẹta ránṣẹ́ láago méjì òru. Ọ̀gá mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí. Èmi ti ṣe tèmi.